Ìró kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn atajà New York

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Olùkọ́ wa ní ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti ipò èèyàn láwùjọ máa ń hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀? Tí ọ̀dọ́ àti àgbà bá ń pe ìró kan lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá èdè ló ń yí padà, àbí ọ̀dọ́ náà á padà máa pè é bí àgbà tó bá dàgbà? Mo fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn.*

Iṣẹ́ kan wà tí mo máa ń nawọ́ sí tí wọ́n bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí, torí gbogbo ohun tí o bèèrè ló wà nínú ẹ̀, àti ibi tó dáa sí àti ibi tó kù sí. William Labov ló ṣe é ní New York, ní oṣù kọkànlá ọdún 1962. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀. Ó ti bá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe yíǹkì ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ kó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Columbia. Mo máa ń rò ó pé ibẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára láti kọ́kọ́ wọn nǹkan kó tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Ìró kan ló ń lé kiri, ìyẹn /r/ tó máa ń tẹ̀lé fáwẹ́lì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó wà nínú “car” àti “four”. Nígbà yẹn ní New York, àwọn kan ń pè é ketekete, àwọn kan ń gbé e mì, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe méjèèjì: wọ́n á pè é nísinsìnyí, tó bá tún yá wọ́n á gbé e mì. Àwọn onímọ̀ tó ti yẹ èdè ìlú náà wò ṣáájú rẹ̀ sọ pé kò ní ìlànà kankan, bó bá ṣe bọ́ sí kálukú lẹ́nu ni. Labov ní rárá. Ó ní tá a bá tẹjú mọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tá a bá ka iye ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn pè é, ìlànà náà á yọjú, ipò láwùjọ ló sì máa tẹ̀ lé. Di ibí yìí mú ṣinṣin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé olówó ń pe /r/, tálákà kì í pè é. Tolówó-tálákà ló ń pè é nígbà mìíràn. Iye ìgbà tí wọ́n ń pè é ló yàtọ̀ síra.

Ilé-ìtajà ńlá mẹ́ta ló yàn ní Manhattan. Saks wà ní Fifth Avenue, níbi táwọn ọlọ́lá ti ń rajà. Macy's ni tàwọn tó wà láàárín. S. Klein sì wà ní Union Square, níbi tí àwọn tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn ti ń wá ọjà tó dínwó. Kò kàn fojú lásán tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó wo iye tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀wù òtútù obìnrin nínú ìpolówó wọn: 90 dọ́là ni ti Saks, ti Macy's ku sẹ́ńtì díẹ̀ kó pé 80 dọ́là, ti Klein jẹ́ 23 dọ́là. Ó tún wo ìwé ìròyìn tí wọ́n ń polówó sí. Nínú Daily News, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ́wọ́ líle ń kà, kò rí ìpolówó Saks kankan fún ọjọ́ mẹ́rin tó fi wò ó, nígbà tí Macy's àti Klein gba ojú ìwé rẹpẹtẹ níbẹ̀.

Àwọn atajà ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn, kì í ṣe àwọn oníbàárà, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn ètò yìí gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, owó oṣù àwọn ti Saks kò sì ju ti Macy's lọ, torí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Macy's lágbára. Tó bá jẹ́ owó àpò nìkan ló ń darí ọ̀rọ̀ ẹnu, kò yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Ohun tí Labov rò ni pé atajà máa ń yá iyì lára àwọn tó ń dúró tì láti àárọ̀ di alẹ́, pé ẹni tó ń tajà fún ọlọ́lá á máa fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ọlọ́lá.

Ọgbọ́n tó dá rèé. Á kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń tà ní àjà kẹrin ilé náà. Á wá lọ bá atajà kan ní àjà mìíràn bí oníbàárà lásán, á béèrè ibi tí nǹkan ọ̀hún wà, ká ní bàtà obìnrin. Ìdáhùn náà ò lè ju “fourth floor” lọ. Á wá tẹ orí síwájú díẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, onítọ̀hún á sì tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìtẹnumọ́. Labov á dúpẹ́, á rìn dé ibi tí wọn ò ti ní rí i mọ́, á wá kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fún un ní /r/ mẹ́rin: ọ̀kan ṣáájú kọ́ńsónáǹtì, ọ̀kan níparí ọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń kọ orúkọ ilé-ìtajà mọ́ ọn, àti àjà tó wà, akọ tàbí abo, iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ohùn àjèjì wà lẹ́nu rẹ̀, àti ọjọ́ orí tó fojú díwọ̀n. Tó bá ti wà ní àjà kẹrin fúnra rẹ̀, á kàn béèrè pé àjà kelòó lòun wà yìí. Èèyàn 264 ló bá sọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo àkókò tó fi bá wọn sọ̀rọ̀ kò sì ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ lọ.

Kí ló dé tó fi ń ṣe é bí alámí? Torí pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ ẹnu òun ti yí ẹnu padà náà nìyẹn. Ohun tí à ń wá gan-an ni bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá dẹ etí sí i, bẹ́ẹ̀ a ò lè rí i gbà láìdẹ etí sí i. Kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ka yìí tí wàhálà yìí ò bá rí.

Èsì rẹ̀ rèé. Ní Saks, ìpín 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn atajà ló pe /r/, ì báà jẹ́ nínú gbogbo ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí nínú díẹ̀ nínú wọn. Ní Macy's, ìpín 51 ni. Ní Klein, ó jẹ́ nǹkan bí ìpín 20. Bó ṣe to ilé-ìtajà kó tó wọlé ni èsì ṣe tò. Kódà nínú Saks fúnra rẹ̀, àwọn tó wà lókè, níbi tí ọjà olówó gọbọi wà tí kápẹ́ẹ̀tì sì nípọn, ń pè é ju àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ, níbi tí èrò ti ń já lura wọn.

Àtúnsọ yẹn sì ṣí nǹkan mìíràn payá. Àwọn ará Saks kò fi bẹ́ẹ̀ yí ẹnu padà láàárín àkọ́sọ àti àtúnsọ. Àwọn ará Macy's ló fò sókè: nígbà tí wọ́n tún “floor” sọ pẹ̀lú ìtẹnumọ́, /r/ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi ti Saks dé. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé àwọn ará Macy's mọ ohùn tó níyì dáadáa, wọ́n sì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò tíì di bárakú fún wọn. Nínú ìwádìí ńlá tí Labov ṣe lẹ́yìn náà ní apá Lower East Side ìlú yẹn kan náà, tó tẹ̀ jáde ní 1966, ó tún rí irú ẹ̀: nígbà tó ní kí àwọn èèyàn máa ka ọ̀rọ̀ tó tò sórí ìwé, àwọn aláàárín tó wà nísàlẹ̀, irú bí akọ̀wé, pe /r/ ju àwọn tó wà lókè wọn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹlẹ̀ dáadáa lórí àkàbà ni ń di irin rẹ̀ mú jù.

Wàyí o, ọjọ́ orí. Ní Saks, bí ọjọ́ orí ṣe ń kéré sí i ni wọ́n ń pe /r/ sí i. Tó bá jẹ́ Saks nìkan la wò, kíá la máa sọ pé ìró tuntun ló ń wọlé, pé àwọn ọ̀dọ́ ló gbé e dé. Ìtàn ìlú náà sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, gbígbé /r/ mì ló níyì ní New York, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Boston àti Lọ́ńdọ̀nù. Ààrẹ Franklin Roosevelt, ọmọ ọlọ́lá ìpínlẹ̀ náà, gbé tirẹ̀ mì. Lẹ́yìn ogun ni ìwọ̀n yí padà tí pípe /r/ wá di ohùn ọlọ́lá. Àgbà Saks tó ti kọ́ ẹnu rẹ̀ ní 1920 kò ní sọ̀rọ̀ bí ọmọdébìnrin tó kọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn 1945.

Ṣùgbọ́n wo Macy's. Níbẹ̀, àwọn àgbà ló ń pè é ju àwọn ọ̀dọ́ lọ! Ní Klein, ọjọ́ orí kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ kankan wá. Tí o bá da àwọn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra tí o sì fa ìlà kan láti ọ̀dọ́ sí àgbà, èsì méjì tó lòdì síra á pa ara wọn rẹ́, wàá sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan kan. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àlàyé Labov ni pé ọmọ ọlọ́lá máa ń gba ìró tuntun náà láti kékeré, lọ́dọ̀ ojúgbà rẹ̀. Ọmọ aláàárín kò bá a pàdé nílé; ìgbà tó bá wọṣẹ́, tó bá ń bá oríṣiríṣi èèyàn pàdé, tó wá rí i pé ohùn òun ń tú òun fó, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ó lè ti lé ní ogójì ọdún nígbà yẹn. Nítorí náà, ìyàtọ̀ ọ̀dọ́ àti àgbà ní Saks jẹ́ àmì pé ìlú ń yí padà. Ní Macy's, ó jẹ́ àmì pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń yí padà bó ṣe ń dàgbà. Ìró kan náà ni, ìlú kan náà ni, ọdún kan náà ni.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ kejì nìyẹn, kò sì dùn gbọ́: ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè fi dá ọ lójú. Nígbà tí o bá fi ọ̀dọ́ àti àgbà òní wé ara wọn, ohun tí o ń dá lábàá ni pé ẹnu àgbà ṣì wà bó ṣe wà nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Àbá yìí máa ń ṣeé gbára lé fún ọ̀pọ̀ ìró, torí bí èèyàn bá ti kúrò ní ọ̀dọ́langba, ohùn rẹ̀ á ti gan díẹ̀. Síbẹ̀ kò gan tán. Jonathan Harrington àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Kérésìmesì tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ń sọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́dọọdún, wọ́n fi ti àwọn ọdún 1950 wé ti àwọn ọdún 1980, wọ́n sì rí i pé àwọn fáwẹ́lì ọbabìnrin ti rìn díẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ ohùn àwọn ọmọ ìlú gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Wọn ò bá wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rìn. Bí ẹnu ọba bá lè rìn báyẹn láàfin, ti atajà Macy's ńkọ́?

Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ ni kéèyàn padà lọ. Joy Fowler padà lọ sí àwọn ilé-ìtajà náà ní 1986. Klein ti kógbá wọlé nígbà yẹn, ó sì fi ilé-ìtajà May's rọ́pò rẹ̀. Ó rí i pé àwọn èèyàn ń pe /r/ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, àlàfo tó wà láàárín àwọn ilé-ìtajà sì wà bó ṣe wà. Ìyẹn ni pé ìlú yí padà lóòótọ́, Labov kò sì parọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra ju bí ìlà Saks ṣe jẹ́ kó jọ lọ.

Ní ti akọ àti abo, ṣọ́ra. Ibi tí àlàyé àìtọ́ pọ̀ sí jù nìyẹn. Ìwé tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni ti Peter Trudgill, tó ṣe ìwádìí ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì gbé e jáde ní 1974. Ó ka bí ọgọ́ta èèyàn ṣe ń pe ìparí ọ̀rọ̀ bíi “walking”: ṣé wọ́n pe ìró ìmú ẹ̀yìn ẹnu tó wà nínú ìwé, àbí wọ́n fi /n/ lásán parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, láàárín àwọn aláàárín tó wà nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin lo /n/ lásán nínú ìpín 27 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn obìnrin lò ó nínú ìpín 3 péré. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, akọ àti abo fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀: ọgọ́rùn-ún sí 97. Ìyẹn ni pé o ò lè sọ̀rọ̀ akọ àti abo láìkọ́kọ́ béèrè ipò wo là ń wí.

Trudgill tún bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe rò pé àwọn ń pe àwọn ọ̀rọ̀ kan, ó wá fi ìdáhùn wọn wé ohun tó ti gbà sínú téèpù. Ọ̀pọ̀ obìnrin sọ pé ohùn ìwé làwọn ń lò nígbà tí wọn ò lò ó. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin sọ pé ohùn àdúgbò làwọn ń lò nígbà tí ti ìwé ló wà lẹ́nu wọn. Ó parí èrò sí pé iyì abẹ́lẹ̀ kan wà lára ohùn òṣìṣẹ́ tí ọkùnrin ń fẹ́, bíi pé ó ń fi wọ́n hàn bí akọni. Èyí tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé o ò gbọdọ̀ fi ohun tí èèyàn sọ nípa ẹnu ara rẹ̀ rọ́pò etí rẹ.

Má ṣe wá gbé e lọ sí pé obìnrin ń sọ èdè tó “dáa” níbi gbogbo. Ní àwọn ìlú Lárúbáwá bíi Káírò àti Amman, ọkùnrin ló ń lo ìró èdè Lárúbáwá inú ìwé jù, tí obìnrin ń lo ti ìgboro ìlú, torí ohùn ìgboro ìlú náà ní iyì tirẹ̀ tí kì í ṣe ti ìwé. Bákan náà, bí ìró tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé ó níyì tàbí kò níyì bá ń wọ ìlú, ẹnu àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n ti sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí àtijọ́, wọ́n tún ń fi iṣẹ́ ọkọ tàbí ti bàbá obìnrin sọ ipò tó wà. Ìyẹn nìkan ti tó láti da èsì rú.

Ó kan Ìbàdàn rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn máa ń pe /ṣ/ bíi /s/. Wọ́n ti fi ṣẹ̀fẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kì í kà á. Ìró tó dáa fún iṣẹ́ rẹ ni: ó máa ń jáde lọ́rọ̀ púpọ̀, etí lásán lè yà á sọ́tọ̀, àwọn èèyàn sì mọ èyí tó wà nínú ìwé. Ìwọ wá ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ á gbé /ṣ/ jáde, láìjẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ kọ́kọ́ pè é, torí tí o bá ní “ẹ ṣé o, mà” kí o tó béèrè, o ti fi ìró náà sí i lẹ́tí. Lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta nǹkan ìwẹ̀, kúnlẹ̀ kí i dáadáa, nawọ́ sí ọṣẹ dúdú, kí o ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni dúdú tó wà nínú igbá yẹn?” Á ní ọṣẹ dúdú ni. Ìwọ wá ní: “Ẹ ní kí ni, mà?” Á tún un sọ. O ti ní àkọ́sọ àti àtúnsọ bíi ti Labov.

Ohun tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù ni ìlú abínibí. Bí ìyá náà bá jẹ́ Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá, /ṣ/ lẹ́nu rẹ̀ kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ipò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí. Béèrè ìlú tó ti dàgbà lẹ́yìn tó bá ti dá ọ lóhùn, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o má sì da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọmọ Ìbàdàn. Tí o bá dé supamákẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, atajà náà lè fi Gẹ̀ẹ́sì dá ọ lóhùn pátápátá. Má dà á nù. Kọ ọ́ sí ìsọ̀rí tirẹ̀, torí ìyẹn náà ń sọ nǹkan nípa ipò ibẹ̀. Ṣùgbọ́n má kà á mọ́ àwọn tó pe /ṣ/. Tún ráyè fọ̀rọ̀ lọ olùkọ́ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ń béèrè ìwé àṣẹ báyìí kéèyàn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe ìwádìí.

Bí o bá yan irú ibi ìtajà mẹ́ta, ọjọ́ orí mẹ́ta, àti akọ àti abo, ìsọ̀rí 18 ló wà lọ́wọ́ rẹ. Èèyàn márùn-ún nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 90, ìyẹn sì ni mo rò pé ó kéré jù tó ṣeé fọwọ́ sí. Labov kò lo téèpù nílé-ìtajà, etí rẹ̀ nìkan ló gbára lé, òun náà ló sì mọ èsì tó ń retí, àléébù tó ṣì wà lára iṣẹ́ náà nìyẹn. Nítorí náà, mú ọ̀rẹ́ kan tí kò mọ ohun tí ò ń wá dání fún ogún èèyàn àkọ́kọ́, kí ó dúró tì ọ́ bí ẹni tó ń wo ọjà, kí kálukú yín kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹ bá yàtọ̀ síra lórí ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ má tẹ̀ síwájú. Ẹ kọ́kọ́ lọ fetí sí ìró méjèèjì lórí rẹ́kọ́dà títí etí yín á fi ṣọ̀kan.